Ọkọ Mi Ń Pè É, Fóònù Ń Kọ Ọ́

Kí n tó mọ ojú ọkọ mi dáadáa ni etí mi ti mọ ohùn rẹ̀. Taipísì ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì kan ní agbègbè Lágelú, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ títẹ ìwé jáde. Òun ni ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ó máa ń ti oko dé tòun ti ẹrẹ̀ lára bàtà, á dúró lẹ́yìn àga mi, á sì máa pe ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ kí n máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa rí i pé "ó" ni mò ń pè é nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni, láti ọjọ́ yẹn títí di òní.

Kò mọ ìwé pè rárá. Bó bá sọ̀rọ̀ dé àárín, á gbé ìyókù mì. Á rìn dé ojú fèrèsé, á kọ ẹ̀yìn sí mi, á máa bá àwọn igi tó wà níta sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti tẹ gbólóhùn tán, á ní, "Rárá, pa ìyẹn rẹ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́." Lórí taipuráítà, kò sí ohun tó ń jẹ́ pa á rẹ́. Àfi kéèyàn fi ọ̀dà funfun kùn ún, kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ, tàbí kó fa ìwé yọ kó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ti fa ìwé yọ nígbà mẹ́ta, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sójú kan. Ẹ ro ọ̀rọ̀ yẹn tán nínú yín kí ẹ tó la ẹnu. Tí ẹ bá là á, ẹ sọ ọ́ dé òpin. Ẹ má fi ìrù rẹ̀ sínú."

Gbogbo ọ́fíìsì kọjú sí wa. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó fa àga kan, ó jókòó. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró kí n bá a.

Èdè Òyìnbó ni ìròyìn, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ìkéde tí a ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri fún àwọn àgbẹ̀. Taipuráítà wa kò ní ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀, kò ní ọ, kò ní ṣ. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, màá mú bíírò, màá máa fi ọwọ́ kán àmì náà sísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà àmì òkè. Òun á tẹ̀ síwájú lẹ́yìn mi, èémí rẹ̀ á máa kan etí mi. "O gbàgbé ọ̀kan níbẹ̀ yẹn." Kì í fojú fo nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan tí ìròyìn ti fẹ́ parí, ó pe gbólóhùn kan, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì kí n tó mọ ohun tí mò ń tẹ̀: pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá taipísì yìí á gbà kí òun wá kí àwọn òbí rẹ̀. Ìwé yẹn ṣì wà nínú àpótí mi. Mi ò tẹ̀ ẹ́ parí.

Àwa méjèèjì ti fẹ̀yìn tì báyìí. Abúlé bàbá rẹ̀ ni à ń gbé, tí èèyàn bá ti kọjá Lálúpọn. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ là ń gbìn. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, òun ni wọ́n sì fi ṣe olùdámọ̀ràn wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn. Kì í fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́. Tí àwọn kòkòrò bá ti ń jẹ ewé àgbàdo, á kọ ọ́ láti orí dé ìrù: bí a ṣe ń dá wọn mọ̀, ìgbà tí wọ́n ń jáde, ohun tí a lè ṣe, ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́, wọ́n sì ń ṣí i wò tí wọ́n bá dé oko.

Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ni wàhálà dé. Dókítà fún un lóògùn, ó dín kù díẹ̀, kò lọ tán. Tó bá fẹ́ tẹ "a" lórí fóònù, "s" ni ìka rẹ̀ máa bà, tàbí kó ba méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tí èmi lè tẹ̀ kí omi tó hó, òun á wà lórí rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi dé àtàrí. Mo ní kó jẹ́ kí n máa bá a tẹ̀ ẹ́. Ó ní rárá, pé ojú mi náà kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, pé kí n má fi ìyókù rẹ̀ ṣòfò. Ó gbìyànjú láti máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó sì fi ohùn náà ránṣẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ̀kan, wọ́n gbọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n èèyàn tó dúró láàárín oko, tó fẹ́ mọ iye omi tó yẹ kóun bù, kò lè máa wá a nínú ohùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó padà sí kíkọ.

Ọmọbìnrin wa tó ń gbé ní Ajíbọ́dè ló wá tún un ṣe. Ó wá kí wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ó rí bàbá rẹ̀ tó ń bá fóònù jà.

Ó ní, "Dádì, ẹ máa sọ ọ́, fóònù á máa kọ ọ́ fún yín. Ẹ wo àwòrán ohun tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ yìí, lókè kíbọ́ọ̀dù. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ máa sọ̀rọ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi Yorùbá sọ pé, "Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o." Ohun tí fóònù kọ ni "A in a bag echo shake." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọmọ náà ní èdè Òyìnbó ni kíbọ́ọ̀dù ń gbọ́, pé ó ń wá ọ̀rọ̀ Òyìnbó nínú gbogbo ohun tó bá gbọ́. Ó wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò kíbọ́ọ̀dù, ó fi Yorùbá kún àwọn èdè tó wà níbẹ̀, ó sì fi hàn wá bí a ṣe ń yí i láti èdè kan sí èkejì. "Ẹ máa wo èdè tó wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu. Ẹ má sì pa méjì pọ̀." Ó kìlọ̀ pé Yorùbá ń fẹ́ dátà, pé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dára, kò ní gbọ́ dáadáa. Bàbá rẹ̀ tún un sọ. Ó jáde lẹ́ẹ̀kejì yìí bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ti ọmọdé.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti di pé lábẹ́ igi máńgòrò ló ń jókòó. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Nígbà àkọ́kọ́, mo rò pé èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, mo sì máa ń dáhùn, fóònù á sì kọ ìdáhùn mi mọ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ sọ fún àwọn àgbẹ̀ nípa ajílẹ̀, ó sì rí i nínú rẹ̀ pé ẹ̀fọ́ ti jóná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òtítọ́: inú mi kò dùn tán. Ó pẹ́ tí mo ti jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ọkọ mi ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wá gba ipò yẹn, kò sì mọ ìgbà tí ọkọ mi bá fẹ́ húkọ́ àti ìgbà tó bá ń ronú. Bí ó bá dákẹ́ díẹ̀ láti ronú, fóònù á pa etí rẹ̀ dé, òun á sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ láìmọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, oògùn koríko tuntun kan dé ọjà Ṣáṣá, àwọn àgbẹ̀ sì ń béèrè nípa rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ mi ka ìwé tó wà lára ìgò rẹ̀. Ó mọ̀ pé oògùn tí kì í yan ọ̀tá ni: ohunkóhun tó bá ní ewé tútù, yóò pa á, ìbáà ṣe koríko, ìbáà ṣe àgbàdo. Ó jókòó sábẹ́ igi rẹ̀, ó pe ọ̀rọ̀ gígùn kan. Lára ohun tó pè ni èyí: "Ẹ má fọ́n ọn sí orí àgbàdo tó ti yọ." Atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó wo ohun tí fóònù kọ wìrìwìrì, kò fi gíláàsì sójú, ó sì fi ránṣẹ́.

Ohun tí fóònù kọ ni, "E maa fon on si ori agbado to ti yo."

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Má" ti di "máa." Ohun tó ní kí wọ́n má ṣe ni fóònù ní kí wọ́n máa ṣe.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ti mọ irú oògùn náà, wọn kò fi tirẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n Àlhájà kan wà tí oko wọn bá tiwa pààlà, wọ́n ju èmi àti ọkọ mi lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ̀gẹ́ àti ata ni wọ́n ti ń gbìn láti ọjọ́ pípẹ́, àgbàdo púpọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di tiwọn ni. Wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó lọ sílé ẹ̀kọ́ alẹ́ tí wọ́n ti kọ́ wọn ní kíkà Yorùbá, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n máa ń ka ọ̀rọ̀ ọkọ mi sókè nínú oko. Wọ́n ti gbọ́ pé oògùn kan wà tó ń pa koríko láàárín àgbàdo tí kì í pa àgbàdo. Wọ́n rò pé òun nìyẹn. Wọ́n pọn omi, wọ́n gbé agbè tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n fọ́n ọn sórí ewé àgbàdo títí agbè fi gbẹ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n wọlé wá bá wa ní àárọ̀. Wọn kò pariwo. Wọ́n jókòó, wọ́n kí wa, wọ́n béèrè àlàáfíà, wọ́n wá na fóònù wọn sí ọkọ mi.

Wọ́n ní, "Ẹ bá mi ka ibí yìí, bàbá. Bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà."

Ó fi gíláàsì sójú, ó kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, "Àlhájà, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n kà. Èmi ni mi ò kọ ọ́ dáadáa."

"Àgbàdo mi ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Látorí igi ọ̀pẹ dé ibi odò kékeré yẹn."

"Mo gbọ́. Ẹ ṣàánú mi."

Wọ́n mi orí. "Ọlọ́hun ló ń fúnni. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni, kí ẹlòmíràn má ṣe bíi tèmi."

Wọn ìbá bú wa, ìbá sàn. Nígbà tí wọ́n lọ, ọkọ mi kò jẹun. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fún mi ní fóònù, ó ní kí n kọ ọ́ sí ẹgbẹ́, kí n fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, mo di bọ́tìnnì lẹ́tà mú fún ìgbà díẹ̀ kí àwọn tó ní àmì lè yọ jáde, gẹ́gẹ́ bí ọmọ wa ṣe kọ́ mi: pé àṣìṣe wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pé òun ló ṣe é, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ́n oògùn náà sórí àgbàdo tó ti yọ. Mo béèrè bóyá kí a kàn pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ó ní rárá, ẹni tó ti kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ kò ní mọ̀ pé ó ti yí.

Ní ọjọ́ kejì ó gbé irúgbìn àgbàdo wa, a lọ sí oko Àlhájà. Oògùn yẹn kì í pẹ́ nínú ilẹ̀, òjò sì ṣì ń bọ̀, a lè tún un gbìn. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi tẹ̀ ba lórí àwọn ebè yẹn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n tí irúgbìn mẹ́fà bọ́ sínú ihò kan, Àlhájà á ṣa àwọn tó lé jáde. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n se ẹ̀wà wá fún wa lóko.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní òun kò ní bá fóònù sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Ó gbé e fún mi pátápátá. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń pè é, mo ń tẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ó dà bí pé ọjọ́ Ajé ti padà dé. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò méjì kì í ṣe ìka mẹ́wàá, ojú mi sì ń dùn mí. Tí mo bá tẹ "ilé," fóònù tó tún ti padà sí èdè Òyìnbó á yí i sí nǹkan mìíràn kí n tó gbé ojú sókè. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń pe ọ̀rọ̀ tí kò gùn mọ́. Mo mọ̀ pé ó ń ṣàánú mi ni. Ohun tó mọ̀ ń kú sínú rẹ̀ nítorí ojú mi.

Lọ́jọ́ kan mo gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́ fún yín, kì í ṣe etí mi nìkan ni mo fi ń gbọ́. Orí mi ń bá yín tún un ṣe. Èyí kò ní orí. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ orí rẹ̀."

A wá kọ́ ọ fún ara wa, bí ẹni tún ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ń kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó ń gbé fóònù jìnnà sí ẹnu ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó ń kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn. Kò lọ́ra bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀, nítorí a rí i pé tó bá ń gé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe ń pọ̀ sí i. Fóònù fẹ́ gbólóhùn tó ṣàn, bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an. Ìpín kékeré kan, á dúró, á fi gíláàsì sójú, á kà á sókè. Àmì ìdánudúró, ọwọ́ ló fi ń fi í sí i, nítorí nínú Yorùbá fóònù tiwa máa ń da gbogbo ọ̀rọ̀ pọ̀ bí ọbẹ̀. Orúkọ oògùn, iye, ìwọ̀n omi, kò jẹ́ sọ wọ́n fún un rárá. Ó ń tẹ àwọn yẹn, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n tó, nítorí wọn kò pọ̀.

Ti "má" ni òun fúnra rẹ̀ rí. Ó ní òun ti fi í sílẹ̀ pátápátá. "Ẹ ò gbọdọ̀" ni òun ń sọ báyìí. Bí fóònù bá tilẹ̀ gbàgbé gbogbo àmì orí rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò kà á tí yóò rò pé a ní kí òun ṣe é. Mo wò ó. Mo ti ń tẹ̀wé láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Nígbà tí ọmọ wa bímọ, mo lọ bá a tọ́jú ọmọ ní Ajíbọ́dè. Ẹ̀rù ń bà mí láti fi ọkọ mi sílẹ̀. Àdéhùn wa ni pé ọ̀rọ̀ yòówù tó bá kọ, èmi ló máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí. Mo máa ń kà á sókè bí ọmọ tuntun bá ti sùn. Nígbà mìíràn mo ń rí àṣìṣe kan, màá pè é, á tún un ṣe. Nígbà tó yá, ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí mi ò rí ẹyọ kan. Àlhájà dáhùn sí ọ̀kan nínú wọn lójú gbogbo ẹgbẹ́, pẹ̀lú ìka tiwọn, wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́: "O YE WA DADA BABA. AGBADO MI TI N YO IRUKERE." Mo ka ìyẹn títí.

Ọjọ́ tí mo padà sílé, ọ̀kadà gbé mi dé ẹnu ọ̀nà abúlé, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ọkọ mi wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, ó ń pe ọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń sá àgbàdo kó má bàa bu. Ó rí mi. Mo ya ẹnu láti kí i. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n sókè, ó ní kí n dúró ná.

Mo dúró pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó parí gbólóhùn náà dé òpin, kò gbé ìrù rẹ̀ mì. Ó pa á, ó wò ó, ó kà á. Ó wá gbé fóònù sílẹ̀ lórí àpáta, ó dìde, ó gba ẹrù lórí mi, ó ní, "Káàbọ̀, ìyàwó mi. Mi ò fẹ́ kí ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé o ti dé."